Bí Iná Bá Lọ, Kí Ìpàdé Má Dúró

Nígbà tí iná bá lọ láàárín ìgbékalẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń kọ́kọ́ kú. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀ nínú, agbára káká ni yóò fi mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Purojẹ́kítọ̀ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ló ń kọ́kọ́ lọ, nítorí pé kò ní bátìrì kankan. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi ká inú gbọ̀ngàn á bá a lọ lójú ẹsẹ̀, máíkì á dákẹ́, fáànù á rọra máa yí títí yóò fi dúró. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á wá wà lórí ìdúró, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere níwájú rẹ̀, àmọ́ òun nìkan ló lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ronú dé ibẹ̀. Wọ́n á gba iná sí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ra dátà sórí fóònù, ọkàn wọn á balẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tọ́jú yẹn gan-an ni kò níṣòro. Ohun tó kù, ìyẹn purojẹ́kítọ̀, máíkì àti íńtánẹ́ẹ̀tì inú gbọ̀ngàn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà.

Owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbani lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A, àwọn tí owó iná wọn fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lóòjọ́ ló kéré jù nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Èyí ni pé ẹni tó ń san owó tó ga jù lọ pàápàá lè wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, kí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná má sì jẹ̀bi àdéhùn. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fara gbá a. Dátà wà lórí fóònù àwọn ènìyàn lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tí dátà ń gbà ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ní Ìbàdàn. Ìpàdé ọdọọdún wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ ẹgbẹ́ bí 60 ló ń retí, àwọn ìyá ọlọ́jà tó ti dàgbà wà nínú wọn, àwọn mẹ́ta kan sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ bá wọn ṣe é lórí Zoom. Síláìdì 18 ló ní nílẹ̀: owó tó wọlé, owó tó jáde, ẹ̀yáwó tí àwọn kan kò tíì dá padà, èrè tí wọ́n fẹ́ pín, àti fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta nípa ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ rà lọ́nà Akànràn. Google Slides ló fi ṣe é, Google Sheets ló fi ya àwòrán ìṣirò rẹ̀, YouTube ni fídíò náà wà. Gbogbo rẹ̀ ló dára lójú. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kí fáìlì kúrò lókè wá sílé

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó sọ iṣẹ́ náà kalẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú Google Slides, yóò lọ sí File, Download, yóò sì yan Microsoft PowerPoint (.pptx). Yóò padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, yóò yan PDF Document (.pdf). Kó tó ṣe èyí, kó rí i dájú pé nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán ìṣirò jẹ́ èyí tó dé kẹ́yìn, torí pé ohun tó bá ti sọ kalẹ̀ kò ní máa bá èyí tó wà lókè yí padà mọ́. Bí akápò bá tún iye kan ṣe lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àfi kó tún un sọ kalẹ̀.

Google Slides náà lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó ní àdéhùn tirẹ̀. Chrome tàbí Edge ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì ti tẹ Make available offline lábẹ́ File nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ dé gbọ̀ngàn tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ti pẹ́ jù. Orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́, kò ní bá yín lọ sórí kọ̀ǹpútà alága. Àwọn tó ń lo OneDrive ní ìdẹkùn tó jọ ọ́: orúkọ fáìlì á hàn nínú fódà bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ àwòrán ìkùukùu kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣì wà. Ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lé e, kẹ́ ẹ yan Always keep on this device, kẹ́ ẹ sì dúró kó wọlé tán.

Fídíò ló máa ń dójú ti ènìyàn jù. Fídíò YouTube tí ẹ fi sínú síláìdì kò sí nínú síláìdì náà rárá, àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Lálẹ́, nínú ilé, yóò ṣí wẹ́rẹ́, ẹ ó sì rò pé ó ti wọlé. Akọ̀wé wa ní láti wá ojúlówó fídíò náà lórí fóònù ẹni tó ya á. Bí onítọ̀hún yóò bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, torí pé bó bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fídíò lásán, WhatsApp á fún un mọ́ra, àwòrán rẹ̀ á sì ṣú bàìbàì lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí PowerPoint, yóò lọ sí Insert, Video, This Device, yóò sì gbé e wọlé.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó wọlé lóòótọ́? Kó wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ megabáìtì mẹ́rin tẹ́lẹ̀, tó sì di 50 tàbí 60 lẹ́yìn tó fi fídíò sí i, fídíò ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ṣì jẹ́ mẹ́rin, àdírẹ́sì ló ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà PDF kò lè ṣe fídíò bí èyí tó wà nínú PowerPoint, ọ̀rọ̀ kò sì ní máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Èmi kò rí i bí àbùkù. Fóònù èyíkéyìí ló lè ṣí i, ohun tí ẹ rí nínú ilé náà ni ẹ ó rí ní gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún yín pé PowerPoint òun ti gbó. Kí akọ̀wé fi àwòrán kan láti inú fídíò náà sórí síláìdì yẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí PDF lè ní ohun tí yóò fi hàn. Ẹ̀dà kẹta tó yẹ kó ní ni ti àwòrán lásán: nínú PowerPoint, File, Export, Change File Type, JPEG, kó sì yan All Slides. Àwọn purojẹ́kítọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kan wà tí wọ́n ní ihò USB, tí wọn kò mọ PowerPoint tàbí PDF rárá, àmọ́ tí wọ́n mọ fọ́tò. Bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ kọ̀ láti bá purojẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀, fíláàṣì nìkan á ṣiṣẹ́.

Fíláàṣì méjì ni kó fi wọ́n sí, kó má fi méjèèjì sínú àpò kan náà. Èyí tó bá ti ki bọ kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, kó ka ìyẹn sí èyí tó ti fara kan kòkòrò. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ máa ń fi fáìlì yín pamọ́, á sì fi ọ̀nà àbùjá tó jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀.

Àmì ohùn tó ń sá kúrò lórí lẹ́tà

Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ síláìdì ní ìṣòro kan tí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ kò ní. Lẹ́tà bí ẹ́ tàbí ọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, àmì ohùn orí rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ mìíràn tó tẹ̀ lé e. Fọ́ńtì ló ń so wọ́n pọ̀ lójú wa. Bí fọ́ńtì tí ẹ lò nínú ilé kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn, PowerPoint á mú òmíràn tó bá rí. Bí ìyẹn kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé ẹ, àmì náà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí kékeré kan yọ níbi tó yẹ kó wà. Ẹ wo síláìdì tí ẹ kọ «Ẹ̀yáwó» sí lókè, tó wá di àpótí àti «yáwó».

Ọ̀nà méjì ni akọ̀wé lè gbà yẹra fún un. Kó lo fọ́ńtì tí a mọ̀ pé ó gba àmì wa dáadáa, bíi Charis SIL, Andika tàbí Noto Sans, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kó sì lọ sí File, Options, Save nínú PowerPoint orí Windows, kó fi àmì sí Embed fonts in the file, kí fọ́ńtì náà lè bá fáìlì rìn. PDF kò ní wàhálà yìí rárá, torí pé fọ́ńtì ti sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn PDF.

Yọ ṣájà, pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Lálẹ́ ọjọ́bọ̀, kí akọ̀wé tan Airplane mode lórí kọ̀ǹpútà, kó yọ ṣájà kúrò lára rẹ̀, kó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kó sì ṣe ìgbékalẹ̀ náà láti síláìdì kìíní dé ìkejìdínlógún, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, bí yóò ṣe ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Ohunkóhun tó bá kọ̀ láti ṣí, íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbára lé. Bó bá lè rí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn fi tún un ṣe, ìyẹn á tún dára jù, torí pé ibẹ̀ ni àìsí fọ́ńtì ti máa ń hàn.

Kó wo bátìrì náà bó ti ń lọ. Ìgbékalẹ̀ rẹ̀ kò ju 40 ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ ìpàdé kì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ìbéèrè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí ẹ̀yáwó sì lè gùn ju ìgbékalẹ̀ lọ. Bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ sí ìdajì lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ó ti gbó nìyẹn. Lórí Windows, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lè ṣí Command Prompt, kó tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó fi ìwé ìròyìn battery-report.html sí. Nínú rẹ̀, ẹ wá DESIGN CAPACITY, ìyẹn agbára bátìrì nígbà tó jẹ́ tuntun, àti FULL CHARGE CAPACITY, agbára tó kù nínú rẹ̀ báyìí. Bí ìkejì kò bá tó ìdajì ìkíní, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì náà fún ìpàdé tó ju wákàtí kan lọ.

Ta ni yóò bọ́ purojẹ́kítọ̀?

Purojẹ́kítọ̀ àtijọ́ tó ń lo gílóòbù, irú èyí tó pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn, máa ń jẹ wáàtì 250 sí 300. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò tó 65 nígbà púpọ̀. Ẹ ó rí iye náà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ nílò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi «ó máa gbé e» dá yín lóhùn.

Ká ní ti gbọ̀ngàn náà ń jẹ 280. Ẹnì kan yá akọ̀wé ní yú-pí-ẹ́ẹ̀sì kékeré tó ń gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bátìrì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ fóòtì 12, ampia-wákàtí 7. Ìsodipúpọ̀ 12 pẹ̀lú 7 jẹ́ 84, wáàtì-wákàtí 84 nìyẹn. Ẹ pín in pẹ̀lú 280, ẹ ó rí ìṣẹ́jú bí 18. Àmọ́ orí ìwé nìyẹn. Bátìrì tí ẹ ń fà lójú méjèèjì bẹ́ẹ̀ kì í fún yín ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ ni kó fọkàn sí. Kò tó ṣe ìpàdé, àmọ́ ó tó fún ẹni tó fẹ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ tó sì yẹ kó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Purojẹ́kítọ̀ nìkan ni kó so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kò nílò rẹ̀.

Ínfátà tó ní bátìrì fóòtì 12, ampia-wákàtí 200, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lo ìdajì kí bátìrì má baà tètè bàjẹ́, tí ẹ sì yọ ohun tí ínfátà ń jẹ kúrò, nǹkan bí 1,000 á kù. Purojẹ́kítọ̀ náà á fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó lé díẹ̀.

Ìdí tí ìṣẹ́jú márùn-ún yú-pí-ẹ́ẹ̀sì fi níye lórí wà nínú gílóòbù yẹn. Ó máa ń gbóná gan-an, fáànù inú rẹ̀ ló ń tù ú lára, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Bí iná bá já lójijì, fáànù dúró, gílóòbù kò tíì tutù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, kò ní dáhùn, torí pé gáàsì inú gílóòbù gbígbóná kì í gbà kó tún tàn títí tí yóò fi tutù. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan, bí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ kò jẹ́ kó sinmi. Nítorí náà, iná tó lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ yín. Àwọn purojẹ́kítọ̀ tuntun tí wọ́n kọ LED tàbí Laser sí lára kò ní àìsàn yìí, iná tí wọ́n ń jẹ sì sábà máa ń kéré. Bí akọ̀wé bá ní àǹfààní láti yá ọ̀kan nínú méjèèjì, kó yá tiwọn, ìbáà tiẹ̀ má mọ́lẹ̀ tó ti àtijọ́.

Ìwé ni kó kọ́kọ́ ṣe

Èrò tèmi ni pé ìwé tí wọ́n máa pín ló yẹ kí akọ̀wé kọ́kọ́ ṣe, kí síláìdì wá tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn máa ń ṣe é lódì kejì: wọ́n á parí síláìdì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á pè é ní ìwé. Síláìdì 18 fún ènìyàn 60, bí ẹyọ kan bá wà lójú ìwé kan, 1,080 ojú ìwé ni. Bí ẹ bá sì yan mẹ́fà lójú ìwé kan nínú PowerPoint, yóò di 180, àmọ́ kí ìyá ẹni àádọ́rin ọdún wá ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí kò sí iná!

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ sí ìpàdé yìí kò ju bébà méjì lọ, tẹ̀yìn-tojú, ojú ìwé mẹ́rin. Ojú kìíní, àtẹ owó: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù, ọdún tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún yìí. Ojú kejì, èrè àti bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan: ẹni tó ní 100,000 náírà nínú ẹgbẹ́, èló ni yóò gbà? Ibí yìí ni gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ ṣí, ẹ má tan ara yín. Ojú kẹta, ẹ̀yáwó tó wà nílẹ̀ àti ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fọwọ́ sí. Ojú kẹrin, fọ́tò ilẹ̀ Akànràn, iye tí wọ́n rà á, àti ìlà òfìfo tí ènìyàn lè kọ ìbéèrè rẹ̀ sí. Kí lẹ́tà má kéré sí 14. Nọ́ńbà ojú ìwé gbọ́dọ̀ tóbi ní igun rẹ̀, torí pé òun ni akọ̀wé yóò máa fi pe àwọn ènìyàn nígbà tí ògiri bá ṣú.

Kó tún kọ nọ́ńbà ojú ìwé yẹn sí igun síláìdì tó bá a mu. Síláìdì 4 dé 7 jẹ́ ti ojú kìíní, ó kọ «Ìwé 1» sí wọn lára. Èyí ló máa jẹ́ kó lè bọ́ láti orí ògiri sórí bébà láì máa wá ibi tó dé.

Kó mú un lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé, nítorí pé iná tí wọ́n ń mú lọ ní gbọ̀ngàn, wọ́n ń mú un lọ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà pẹ̀lú.

«Màmá, ṣé kọ́lọ̀ ni àbí búláàkì?»

«Búláàkì ni, ọmọ mi. Bá mi tẹ ẹyọ kan jáde ná, kí n wò ó.»

Ẹyọ kan tó kọ́kọ́ béèrè yẹn ló gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìnáwó òfò. Nínú àwòrán ìṣirò rẹ̀, pupa ni owó tó jáde, àwọ̀ ewé ni owó tó wọlé. Lára ògiri, ó yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Nígbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, méjèèjì di eérú kan náà. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ èrè yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ gbèsè. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kó sọ ọ̀kan di funfun tó ní ìlà dúdú yíká, kó jẹ́ kí ìkejì dúdú pátápátá, kó sì kọ iye owó sórí òpó kọ̀ọ̀kan. Ó lè ti rí i nínú ilé pàápàá bó bá yan Grayscale nígbà tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni síláìdì aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn, tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà. Lórí bébà, yíǹkì lásán ló ń mu, lẹ́tà funfun inú rẹ̀ á sì dàrú lẹ́yìn fọ́tókọ́pì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà wo ni kí wọ́n pín ìwé náà? Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé kò yẹ kí ẹ fún àwọn ènìyàn ní ìwé kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, pé wọ́n á máa kà á, wọn kò ní gbọ́ yín. Fún ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì, mo gbà. Fún ọ̀rọ̀ owó, mi ò gbà. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí iná lọ kí ẹ tó máa pín bébà fún 60 ènìyàn nínú ooru, ariwo tó máa sọ kò ní jẹ́ kí ẹ padà síbi tí ẹ dé. Ẹ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń wọlé.

Ohun kan ṣì kù: káádíbọ́ọ̀dù fífẹ̀ méjì àti máákà dúdú tó nípọn. Kó kọ nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù sórí ọ̀kan, owó tó wọlé, èrè, ìdá tí wọ́n fẹ́ pín, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwòrán yóò ti hàn, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kó lọ jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, kó wò ó bóyá òun lè kà á. Bí kò bá lè kà á, àwọn tó ju òun lọ kò ní lè kà á. Ìkejì á wà lófìfo, fún ohun tí ìbéèrè àwọn ènìyàn bá béèrè fún.

Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù

Kó má fi kọ̀ǹpútà tó ń gbé síláìdì ṣe Zoom. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, Zoom á máa fa kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀, síláìdì á sì máa dúró gbagidi níwájú àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn, tí ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò kàn. Kó fi fóònù lọ́tọ̀ ṣe é, kó gbé e sí ìtòsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó pa fídíò rẹ̀, kó fi ohùn nìkan sílẹ̀. Dátà díẹ̀ ni ohùn ń jẹ, ó sì lè gba ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fídíò kò lè gbà kọjá. Fóònù tó ń lo dátà tirẹ̀ kò sì gbára lé Wi-Fi gbọ̀ngàn tó bá iná lọ.

Ìwé olójú mẹ́rin yẹn, ní PDF, ti gbọ́dọ̀ wọ WhatsApp ẹgbẹ́ láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Kó wo bó ṣe tóbi tó kó tó fi ránṣẹ́: bí fọ́tò ilẹ̀ bá sọ ọ́ di megabáìtì 20, àwọn kan kò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Kó dín fọ́tò náà kù títí gbogbo rẹ̀ kò fi ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Báyìí, bí Zoom bá já pátápátá, ẹnì kan lè pe àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù, kó ní «Ẹ ṣí ojú ìwé kejì, ẹ̀gbọ́n», wọ́n á sì máa bá ìpàdé lọ.

Nígbà tó bá wá ṣẹlẹ̀

Ká ní iná lọ nígbà tó wà lórí síláìdì kẹsàn-án. Kó má tọrọ gáfárà, kó má sì bú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, àwọn ènìyàn á bá a ṣe ìyẹn. Kó rìn kúrò lẹ́yìn tábìlì bọ́ sáàárín, torí pé máíkì ti kú, kó ní kí wọ́n ṣí wíńdò, kó sì sọ pé: «Ẹ bá mi ṣí ojú ìwé kejì.» Kó dúró kí gbogbo wọn ṣí i. Kó wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti orí nọ́ńbà tó wà níwájú wọn, kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá dé, kó má sáré padà sórí síláìdì. Kí ó parí ojú ìwé tó wà lórí rẹ̀ kí ẹlòmíràn máa tọ́jú purojẹ́kítọ̀. Ẹni yẹn, kí wọ́n ti yàn án ṣáájú, kó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan nìyẹn. Akọ̀wé tó ń ka owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ tún jẹ́ ẹni tó ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Fídíò ilẹ̀ Akànràn nìkan ni bébà kò lè rọ́pò. Bí iná bá padà dé, wọ́n lè wò ó nígbà tí wọ́n bá ń jẹun.

Bí ẹ bá ní irú ìpàdé yìí nílẹ̀, kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn, ẹ bi olùtọ́jú rẹ̀ bí purojẹ́kítọ̀ wọn bá jẹ́ onígílóòbù, wáàtì mélòó ló ń jẹ, ibo ni jẹnẹrétọ̀ wà, àti ta ló mọ̀ ọ́n tàn. Bó bá wà lábẹ́ wíńdò, ẹ ní kí wọ́n gbé e jìnnà, èéfín rẹ̀ ń pani. Kí ẹ sì ṣí táǹkì rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé epo wà níbẹ̀.